Lẹ́tà Tí Mo Fi Sábẹ́ Páálí Ìbọ̀wọ́

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọjọ́ kìíní oṣù, ni lẹ́tà náà dé ọwọ́ mi. Èmi ni mátírọ́nì ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Effurun nígbà náà, ilé alájà méjì tí kò jìnnà sí Airport Road. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ òru ti fa iṣẹ́ lé àwọn ti àárọ̀ lọ́wọ́ tán, mo sì ń mu tíì mi lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin náà kanlẹ̀kùn. Òun ni nọ́ọ̀sì tó ń darí wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpòòwé kan lé orí tábìlì mi.

Ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, Mà. Abeg, na my letter be this."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ará Ìjẹ̀bú bíi tèmi, ṣùgbọ́n àdúgbò Igbudu, níbí lọ́dọ̀ wa, ni wọ́n bí i sí. Bí o bá bá a sọ Yorùbá, yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀, yóò sì fi Pidgin dá ọ lóhùn.

Mo ya àpòòwé náà níwájú rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, dókítà tó ni ilé iṣẹ́ náà, ni ó kọ ọ́ sí, ó sì kọ ọ́ sókè pé kí ó gba ọwọ́ mátírọ́nì kọjá, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Ó ní òun ti rí àyè gbà ní yunifásítì láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí náà òun ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní lẹ́tà náà ni ìfitónilétí oṣù kan tí ìwé ìgbàsíṣẹ́ òun béèrè, pé kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọjọ́ tí oṣù bá parí sì ni òun yóò ṣiṣẹ́ mọ. Ó ní òun ṣe tán láti fa gbogbo ohun tó wà níkàáwọ́ òun lé ẹnikẹ́ni tí a bá yàn lọ́wọ́, kí òun fi ọ̀nà iṣẹ́ hàn án, kí òun sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà sí ìdàrúdàpọ̀. Lẹ́yìn náà ló dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, ó wá ní òun dúpẹ́ ní pàtàkì lọ́wọ́ mátírọ́nì, ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́.

Ibi ọpẹ́ yẹn ló bí mi nínú jù.

Ó fa ìwé kejì yọ lábẹ́ apá, irú kan náà. Ó ní, "Mà, abeg, sign my own copy make I keep am."

Mo ní, "Ṣé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ṣí síbí ni? Gbé e síbẹ̀. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Yes, Ma," ó jáde. Bí ilẹ̀kùn ṣe tì báyìí, mo fa dúróà mi ìsàlẹ̀ síta, níbi tí mo ń kó páálí ìbọ̀wọ́ sí, mo gbé páálí kan sókè, mo fi lẹ́tà náà sábẹ́ rẹ̀. Mo wá parí tíì mi. Ó ti tutù, ṣùgbọ́n ó dùn lẹ́nu mi.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí ó ṣe fún mi. Mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí mo ti dàgbà jù láti máa fi irọ́ bo ara mi.

Èmi ni mo mú un wọ ilé ìwòsàn náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì rẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ mú un wá sílé mi, mo sì bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń wẹ ojú egbò iṣẹ́ abẹ láì jẹ́ kí ìdọ̀tí wọ̀ ọ́, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń dá aláìsàn tó ń bínú lóhùn. Ọdún kẹrin rẹ̀ ni mo ní kí ọ̀gá fi í ṣe olórí wọ́ọ̀dù. Àwọn kan kùn, wọ́n ní nítorí pé ó jẹ́ Yorùbá ni. Mo ní kí wọ́n máa kùn.

Nǹkan bí ọdún kan ṣáájú lẹ́tà yìí ni bàbá àgbàlagbà kan já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti bàjẹ́, kò dúró mọ́. Bàbá náà kò kú, ṣùgbọ́n ojú abẹ rẹ̀ ya, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wá pariwo débi tí àwọn ará òpópónà fi ń yọjú. Ọ̀gá pe gbogbo wa jọ sínú yàrá ìpàdé. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ pé irin náà bàjẹ́. Mo ní rárá, pé kò sí nọ́ọ̀sì kankan tó sọ fún mi.

Ọmọbìnrin yìí dìde, ó lọ sí wọ́ọ̀dù, ó gbé ìwé ìròyìn wọ́ọ̀dù wá, ó ṣí i síwájú ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé irin bẹ́ẹ̀dì náà ti bàjẹ́, pé a ti fi tó mátírọ́nì létí. Ìbuwọ́lùwé mi wà lábẹ́ méjèèjì. Mo ti fọwọ́ sí i láì kà á, bí a ṣe ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ọ̀gá ka ọjọ́ méjèèjì sókè. Àwọn tó ń fọ ilẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, mo fọwọ́ ara mi kọ̀wé pé mo ṣàṣìṣe, ó sì wà nínú fáìlì mi. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti lò nílé ìwòsàn yẹn láì gba kúẹ́rì rí.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ọmọbìnrin náà, ara mi a máa gbóná. Ó ń kí mi bó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀. Mo ń dá a lóhùn. Mo ń dúró de ọjọ́ tí ohun kan tó fẹ́ yóò gba ọwọ́ mi kọjá.

Ọjọ́ náà ló dé yìí.

Bí mo ṣe rò ó nìyí. Lẹ́tà tó bá gba ọwọ́ mátírọ́nì kọjá, mátírọ́nì gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i kó tó dé tábìlì ọ̀gá. Bí n kò bá kọ nǹkan kan, ọ̀gá kò ní rí nǹkan kan. Oṣù yóò parí, ọmọbìnrin náà yóò kúrò gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́, lójú ilé iṣẹ́ a ó sì rí i bí ẹni tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kò ní gba ìwé ẹ̀rí rere lọ́dọ̀ wa. Kò sì ní sí ẹni tí mo yàn láti gba wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀, torí náà yóò tún dà bíi pé ó fi kọ́kọ́rọ́ àti àwọn aláìsàn sílẹ̀ lófìfo. Gbogbo ohun rere tó ṣèlérí nínú lẹ́tà yẹn ni màá yí padà di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún wá. Lẹ́tà kejì ló mú wá, ìlà mẹ́ta péré. Ó ń béèrè ẹni tí òun yóò fa wọ́ọ̀dù lé lọ́wọ́, kí òun lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ hàn án.

Mo ní, "Mo ti gbọ́. Ilé iṣẹ́ ń rò ó lọ́wọ́."

Ó ní, "Mà, time dey go."

Mo ní, "Ṣé èmi ni mò ń ti oṣù síwájú ni?"

Lẹ́tà kejì bá ti àkọ́kọ́ lábẹ́ páálí. Nígbà míì tí mo bá fẹ́ mú ìbọ̀wọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń fọwọ́ kan etí ìwé náà díẹ̀ kí n tó ti dúróà padà. Nọ́ọ̀sì kan bi mí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ta ni yóò gba wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ. Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ẹnì kan ń lọ?" Ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ̀ wá sílé mi ní ọ̀sán Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta. Ata gbígbẹ àti edé ló ń tà lọ́jà Igbudu, òórùn rẹ̀ sì wà lára aṣọ rẹ̀ kó tó jókòó. A jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà tẹ́lẹ̀ rí, kí n tó kó kúrò ní Igbudu. Ó gbé ọ̀rá edé kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mi lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Mátírọ́nì wa, ọmọ yín ló rán mi. Rárá o, kò rán mi. Èmi ni mo rí i pé kò jẹun dáadáa mọ́. Ó ní òun ti kọ̀wé fún yín, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan. Ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ pé ó kúrò níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ mú un wọlé, kí ẹ̀yin náà sìn ín jáde."

Mo ní, "Ẹ dìde, ẹ jókòó. Lẹ́tà wo?"

Ó ní, "Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ó ní orí tábìlì yín ni òun gbé e lé."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "N kò rí lẹ́tà kankan o."

Ó ní, "Ẹ ò rí i?"

"N kò rí i. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n á ní àwọn ti ṣe ohun tí wọn kò ṣe. Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Ìyá náà ń wò mí, ó ń wò mí. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni yóò sọ? Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Mà. Olúwa yóò bá wa ṣe é." Ó gbàgbé edé rẹ̀ síbẹ̀ tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀, n kò mọ̀. Mo fi í se ọbẹ̀. Ó dùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà tèmi sí ọ̀gá. Mo kọ ọ́, mo fà á ya, mo tún un kọ. Mo fẹ́ kí ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́, kó má dà bí ti ẹni tó ń bínú. Mo kọ pé ó bà mí lọ́kàn jẹ́ láti fi tó ọ̀gá létí pé nọ́ọ̀sì tó ń darí wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láì fún wa ní ìfitónilétí, láì fa nǹkan kan lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọkọ mi, tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé, ń ti yàrá bọ̀. Ó ní, "Kí lò ń kọ tó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín báyìí?"

N kò mọ̀ pé mò ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwé iṣẹ́ ni."

Ó ní, "Iṣẹ́ dùn nígbà náà."

Ọjọ́rú ni oṣù parí. Mo ti gba àyè ọjọ́ méjì sílẹ̀, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, nítorí a fẹ́ lọ sin ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n dá lẹ́tà mi dúró di ìgbà tí mo bá dé. Ṣùgbọ́n ìkórìíra kì í mọ bí a ṣe ń mú sùúrù. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti ràn kálẹ̀ kí n tó padà. Mo mọ̀ pé aago méjì ni iṣẹ́ àárọ̀ ń parí, pé bó bá ti di aago mẹ́ta ọmọbìnrin náà á ti délé. Torí náà, bí mo ṣe dé ní àárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, mo kọ déètì ọjọ́ náà sí i, mo lẹ̀ ẹ́, mo fi fún akọ̀wé ọ̀gá. Mo ní kó fún un ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ti yàrá iṣẹ́ abẹ jáde. Lẹ́yìn náà mo ní mo ń lọ ra ohun tí a ó gbé lọ sí ilé òkú, mo sì gba ọjà Ogbe-Ijoh lọ.

Mo fẹ́ kó wá mi títí, kó má rí mi. Mo fojú inú rí i tó ń mú kọ́kọ́rọ́ kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jẹ ìyẹn bí ẹní ń jẹ oyin ní gbogbo ọ̀nà.

Mo ń ná ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ obìnrin kan létí omi, ọkọ̀ ojú omi méjì sì ń kérò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀gá ni.

Ó ní, "Matron, that your surgical ward nurse, where she dey?" Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó yẹ kí n ti fura.

Mo ní, "Sir, she don go o. Since morning. She no tell anybody."

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan bú, mo fọwọ́ di etí kejì.

Ó ní, "She dey stand for my front."

Obìnrin ẹlẹ́ja ń bi mí pé ṣé kí òun dì í. Ọ̀gá ní kí n máa bọ̀, ó sì pa fóònù.

Akọ̀wé rẹ̀ ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi nígbà tó yá. Kò dúró dìgbà ìrọ̀lẹ́. Ó kó lẹ́tà mi pọ̀ mọ́ àwọn ìwé yòókù, ọ̀gá sì kà á lọ́sàn-án. Bó ṣe di nǹkan bí aago mẹ́ta, ọ̀gá lọ wo àwọn aláìsàn rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, ó sì bá ọmọbìnrin náà tó dúró sídìí kọ́bọ́ọ̀dù oògùn pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, fáìlì kan lábẹ́ apá. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí láti wákàtí kan. Nọ́ọ̀sì ọ̀sán ti gba àwọn aláìsàn lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìwé ẹrù wọ́ọ̀dù àti kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, ẹni tí a bá yàn ṣe olórí nìkan ló lè gbà wọ́n.

Ọ̀gá ní, "Them say you don run."

Ó ní, "Run go where, sir? I dey wait person wey go collect key."

Nígbà tí mo dé, àwọn méjèèjì ti wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá, pẹ̀lú akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́. Fáìlì ọmọbìnrin náà ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. Kọ́pì lẹ́tà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti déètì ọjọ́ kìíní oṣù. Lọ́jọ́ tí mo lé e jáde ní ọ́fíìsì mi, ọ̀dọ̀ akọ̀wé fáìlì yìí ló gbà lọ tààrà. Akọ̀wé náà ní òun rò pé èyí tó gba ọ̀dọ̀ mátírọ́nì ti ń bọ̀ lọ́nà, pé ìyẹn ló yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, torí náà òun kàn fi kọ́pì sínú fáìlì.

Ọ̀gá ní, "Where the original?"

Mo ní mo máa wá a. Ó ní òun á bá mi wá a. Ó dìde, ó tẹ̀ lé mi lọ sí ọ́fíìsì mi, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Mo kúnlẹ̀ nítorí ìsàlẹ̀ ni dúróà náà wà. Mo gbé páálí ìbọ̀wọ́ sókè. Àwọn lẹ́tà méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, bí mo ṣe tò wọ́n. Mo gbé wọn fún un láti ilẹ̀.

Mo yíjú wo ọmọbìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá rẹ́rìn-ín ni, ì bá dùn mọ́ mi, nítorí ǹ bá rí ohun tí màá fi máa bínú sí i lọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ọ̀gá pe akọ̀wé rẹ̀ síbẹ̀, ó ní kó tẹ lẹ́tà jáde kíá: pé ilé ìwòsàn gba ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ òní, pé ó fún wa ní ìfitónilétí oṣù kan bó ṣe yẹ, pé ó kúrò wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní kó tún tẹ èyí tí yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí n kò yan ẹnikẹ́ni, èmi fúnra mi ni màá gba wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀, nísinsìnyí, ohun kan lẹ́yìn òmíràn, akọ̀wé fáìlì yóò sì dúró ṣe ẹlẹ́rìí.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣí fáìlì abẹ́ apá rẹ̀. Ó ti tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, ojú ìwé mọ́kànlá. Ó ń kà, èmi ń fojú yẹ ẹrù wò. Bẹ́ẹ̀dì mélòó. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru mélòó, èwo ló ń ṣiṣẹ́, èwo ni kò ṣiṣẹ́. Àlùmọ́gàjí, ẹ̀mú, abọ́ irin. Àgbá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó kún àti èyí tó ti ṣófo. Ní ìdí kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, ó ní kí n ka abẹ́rẹ́ apàrora tó wà lábẹ́ àgádágodo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ mi, kí a fi wé ìwé wọn. Wọ́n pé. Mo ń gbàdúrà kí ẹyọ kan dín. Kò dín. Lẹ́yìn náà ló wá fi àwọn aláìsàn tó nílò àfiyèsí hàn mí, ẹni tí oògùn kan kò bá lára mu, ẹni tí okùn abẹ rẹ̀ yóò kúrò lọ́la. Ní ìparí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ń na bírò sí mi, ó ní, "Sign here, Ma." Kò gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ojú ìwé kẹsàn-án, ó ti kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan nítòsí fèrèsé kò ṣe é tì mọ́, ó ń yí, pé òun ti fi tó mátírọ́nì létí, pẹ̀lú déètì. Mo rántí ọjọ́ tó sọ ọ́. Mo tún gbàgbé rẹ̀ ni. Mo gbé bírò dúró lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Akọ̀wé fáìlì jáde lọ gba fóònù. Àwa méjèèjì nìkan ló kù lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó wá sọ Yorùbá sí mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú omi.

Ó ní, "Mà. Kí ni mo ṣe fún yín?"

Mo ní, "O dójú tì mí níwájú àwọn tó ń fọ ilẹ̀."

Ó ní, "Ma, na you teach me say wetin we no write, we no do am. Na wetin you teach me I do."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ sí ibi bẹ́ẹ̀dì náà, mo ṣí ojú ìwé tó kàn. N kò sọ pé má bínú. Òun náà kò sọ ọ́.

Nígbà tí a parí, ó kó kọ́kọ́rọ́ náà lé mi lọ́wọ́, ó tẹ orúnkún bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ó dàbọ̀, Mà." Ó gba lẹ́tà rẹ̀ méjèèjì lọ́dọ̀ akọ̀wé ọ̀gá, ó jáde gba ẹnu ọ̀nà iwájú. Àwọn nọ́ọ̀sì bíi mẹ́rin ló sìn ín dé ibi tí kẹ̀kẹ́ máa ń dúró sí. Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn láti òkè.

A lọ sin òkú ní Ìjẹ̀bú. Nígbà tí mo dé, kúẹ́rì kejì ń dúró dè mí, àlàyé tí mo sì kọ kò kún ìdajì ojú ìwé. Wọ́n mú ọ́fíìsì mátírọ́nì kúrò lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n máa darí ibi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà ní ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi obìnrin kan tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù ṣe mátírọ́nì. Mo gbà á. Ó ku ọdún méje kí n fẹ̀yìn tì, níbo ni mo fẹ́ lọ? Ọkọ mi ní kí n lọ bẹ ìyá náà ní Igbudu. Mo ní mo ti gbọ́. N kò lọ. Mo yí ọjà tí mo ń ná padà, kí n má baà pàdé rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ pé mo ronúpìwàdà, nítorí ìyẹn ni ẹ ń retí. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ohun tó ń dùn mí kì í ṣe ohun tí mo ṣe fún un. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo fi lẹ́tà mi sílẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú dípò kí n dúró. Mo máa ń tún un ṣe lọ́kàn mi, bí mo ṣe máa mú sùúrù, bí ì bá ṣe lọ. Lọ́kàn mi, mo ti ṣẹ́gun rẹ̀ láìmọye ìgbà.

Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ọdún tó ṣáájú èyí tí mo fẹ̀yìn tì, ilé ẹ̀kọ́ náà kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn wá sọ́dọ̀ wa láti kọ́ṣẹ́, mẹ́fà nínú wọn sì bọ́ sábẹ́ mi. N kò mọ ẹni tó kọ́ wọn. Mo kàn rí i pé ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan, ń kọ nǹkan gbogbo sílẹ̀: aago tí aláìsàn dé, aago tí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ẹni tó sọ fún. Ó ń bí mi nínú, n kò sì mọ ìdí.

Mo ní, "Ta ló kọ́ ọ láti máa kọ ìkọkúkọ báyìí?"

Ó dárúkọ rẹ̀. Ó wá ní, "Ma, you know am?"

Inú ń bí mi sí i síbẹ̀, bíi pé àná ni. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ń wá àṣìṣe. N kò rí ẹyọ kan.

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ó lanu, ó ní, "Ah, Ma!" inú rẹ̀ sì dùn sí mi gan-an, bí ẹni pé mo jẹ́ ìyá ńlá rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Mo ní kó lọ pe aláìsàn tó kàn wọlé.